FSH, LH àti AMH: Ohun tí Ìwé Àyẹ̀wò Ń Sọ nípa Ẹyin Obìnrin, àti Ohun tí Kò Sọ

Bí tọkọtaya kan ní Abidjan bá ti ń retí oyún fún odidi ọdún kan tí wọn kò rí i, tí wọ́n wá lọ bá dókítà tó ń tọ́jú obìnrin, kì í pẹ́ tí dókítà fi máa kọ ìwé fún wọn lọ sí láàbù. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà kan wà lórí rẹ̀ tó jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n rí ní Abidjan, ní Kútọnu àti ní Èkó: FSH, LH, E2 àti AMH. Bí èsì bá dé, nọ́ńbà á wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Láàárín ọjọ́ tí èsì jáde àti ọjọ́ tí dókítà máa ṣàlàyé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí á wo ìwé náà, á ní nọ́ńbà yìí ti kéré jù, ọ̀rọ̀ á sì di pé ẹyin ìyàwó ti tán. Bẹ́ẹ̀, ìwé náà lè má sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan họ́móònù yìí ti ń wá máa mọ ohun tó lè sọ, á sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí.

Iye ẹyin tó ṣẹ́ kù

Obìnrin kì í ṣe ẹyin tuntun lóṣooṣù. Gbogbo ẹyin tó máa ní láyé rẹ̀ ni a bí mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bí i, ẹyin náà tó mílíọ̀nù kan sí méjì. Nígbà tó bá máa fi bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan oṣù, ó ti dín kù sí bí 300,000 tàbí 400,000. Nínú gbogbo wọn, bí 400 sí 500 péré ló máa gbó tí yóò sì jáde kúrò nínú ilé ẹyin ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn tó kù ń kú díẹ̀díẹ̀ fúnra wọn. Oyún kò dá ikú wọn dúró, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí náà kò sì dá a dúró.

Ẹyin kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò kékeré kan tó kún fún omi bó bá ti ń dàgbà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ka gbogbo ẹyin tó ṣẹ́ kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé ó ń wo àmì tó ń ti ara àwọn àpò wọ̀nyí jáde, á wá fi ìyẹn díwọ̀n iye tó wà nílẹ̀.

FSH: ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn

Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ibẹ̀ ni FSH àti LH ti ń wá. Iṣẹ́ FSH ni láti pe àwọn àpò ẹyin pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n dàgbà. Bí wọ́n bá ti dìde, àwọn àpò náà á ránṣẹ́ padà sí ọpọlọ pé àwọn ti gbọ́. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ni họ́móònù tó ń jẹ́ ẹstradíọ́lù, òun ni ìwé àyẹ̀wò ń kọ ní E2. Bí ọpọlọ bá ti rí èsì yìí, á dín FSH kù.

Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Bí ènìyàn bá kún inú ilé, ó kàn máa kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ ni, wọ́n á ti dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni mélòó kan ló kù nínú ilé, tí wọ́n sì wà nínú yàrá ẹ̀yìn, á kàn án kíkankíkan kí wọ́n tó gbọ́. Ìdí nìyí tí FSH fi ń ga nígbà tí ẹyin bá ti dín kù. FSH tó ga kò ba ẹyin jẹ́. Ó kàn ń fi hàn pé ọpọlọ ń kan ilẹ̀kùn kíkankíkan ni.

Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin nǹkan oṣù ni wọ́n ń gbà á, ìdí sì nìyẹn tí ìwé Abidjan fi máa ń kọ J3, ìyẹn ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dà dáadáa ni ọjọ́ kìíní. Ẹ má ṣe ka ọjọ́ tí ó kàn ta sí aṣọ díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta yìí, FSH tí kò tó 10 kò sábà dẹ́rù bani. Bó bá ti kọjá 10, dókítà á máa fura pé ẹyin ti ń dín kù. Bó bá kọjá 25, tí obìnrin náà kò tíì pé 40 ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti ń fò tàbí tó ti dáwọ́ dúró fún oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti di pé ilé ẹyin ń dákẹ́ ṣáájú àkókò. Àwọn dókítà sábà máa ń tún àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán bí ọ̀rọ̀ kò bá dá wọn lójú.

LH: ẹlẹ́rìí tó ń wò ó

Ní àárín oṣù, LH á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ìfòsókè yìí ló sì ń mú kí ẹyin tó ti gbó já bọ́ ní bí ọjọ́ kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta, ó yẹ kó wà nílẹ̀, kó má ju FSH lọ tàbí kó kéré sí i.

LH fúnra rẹ̀ kò sọ iye ẹyin tó kù. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ bí a ṣe máa ka FSH. Bí ìwé bá gbé FSH 15 àti LH 45 wá, tí obìnrin náà sì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n bi í ni ọjọ́ wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ àárín oṣù ni, nígbà tí ẹyin fẹ́ já bọ́, tó jẹ́ pé ohun tó dára gan-an ni àyẹ̀wò náà rí. Bí LH bá tó ìlọ́po méjì FSH ní ọjọ́ kẹta gan-an, tí AMH náà sì ga, tí nǹkan oṣù kì í wá déédéé, ẹyin kò tán. Àpò ẹyin ló pọ̀ jù tí wọn kò sì gbó tán, ìṣòro tí àwọn dókítà Abidjan ń pè ní SOPK, tí ti Nàìjíríà ń pè ní PCOS. Bí FSH àti LH bá sì jọ lọ sílẹ̀ gan-an, tí nǹkan oṣù kò wá, ọpọlọ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, nítorí ẹni tó yẹ kó kan ilẹ̀kùn ni kò kàn án.

AMH: ohùn àwọn àpò wẹ́wẹ́

Orúkọ Johannes Müller, onímọ̀ ará Jámánì kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ló wà nínú orúkọ AMH. Ọ̀nà kan tó ṣàpèjúwe nínú ara ọlẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Nínú ọlẹ̀ obìnrin, ọ̀nà yìí ló ń di ilé ọmọ. Lẹ́yìn ọdún 1945, ará Faransé kan, Alfred Jost, fi ọlẹ̀ ehoro ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé ohun kan ń ti inú kóró ọlẹ̀ ọkùnrin jáde tó ń pa ọ̀nà yẹn rẹ́. Ohun náà ni AMH. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé àgbàlagbà obìnrin náà ń ṣe é, pé àwọn àpò ẹyin wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àpò wẹ́wẹ́ bá pọ̀, AMH á pọ̀. Bí wọ́n bá dín kù, AMH á dín kù.

Nítorí pé kò dúró de FSH, AMH kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín oṣù kan náà. Ọjọ́ tó bá wu obìnrin ni wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní òṣùwọ̀n ng/mL, AMH tí kò tó 1 tàbí 1.1 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kà sí kékeré, èyí tó bá sì ju 4 tàbí 5 lọ á mú kí wọ́n ronú nípa SOPK. Ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí nọ́ńbà tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní ẹni 42 ọdún lè jẹ́ ohun tó yẹ ká wádìí ní ẹni 27.

Ẹ kíyè sí òṣùwọ̀n. Láàbù kan lè kọ ng/mL, òmíràn á kọ pmol/L. Ohun kan náà ni wọ́n ń wọ̀n, ṣùgbọ́n 1 ng/mL jẹ́ 7.14 pmol/L. Ẹni tí kò bá wo lẹ́tà kékeré tó tẹ̀lé nọ́ńbà lè rò pé ẹyin òun ti wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìwé méjì, obìnrin kan

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká fi wò ó. Ká ní obìnrin kan wà, ẹni 34 ọdún, ọmọ Ejìgbò, lára ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà tí wọ́n fi Abidjan ṣe ilé, tó ń tajà ní Adjamé. Ó ti tó ọdún méjì tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń retí oyún. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá, àmọ́ ọjọ́ tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì ti dín láti 28 sí 25.

Ìwé àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe ní oṣù kejì, kà báyìí: FSH 6.2, LH 4.8, E2 98 pg/mL, AMH 5.7 pmol/L. Ẹni tó wò ó fún un ní gbogbo rẹ̀ dára. Ní oṣù kẹfà, ó lọ sí láàbù mìíràn: FSH 12.8, LH 5.3, E2 38 pg/mL, AMH 0.8 ng/mL. Wọ́n ní FSH ti di ìlọ́po méjì, AMH sì ti já láti 5.7 sí 0.8, pé ẹyin rẹ̀ ń tán lọ láàárín oṣù mẹ́rin.

AMH ni ká kọ́kọ́ mú. Bí a bá pín 5.7 sí ọ̀nà 7.14, ohun tó máa jáde ni 0.8. Ìwé méjèèjì ń sọ ohun kan náà gẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó já. Láti oṣù kejì ni AMH rẹ̀ ti kéré, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i, nítorí pé wọ́n ka pmol/L bí ẹni pé ng/mL ni.

Ó wá ku FSH. Nínú ìwé àkọ́kọ́, E2 jẹ́ 98. Ní ọjọ́ kẹta, ó yẹ kí E2 wà nílẹ̀. Bó bá ti kọjá 80, ó túmọ̀ sí pé àpò ẹyin kan ti tètè dìde kó tó di ọjọ́ rẹ̀. Àpò yẹn ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé àwọn ti gbọ́, ọpọlọ sì dín FSH kù. Nítorí náà, 6.2 yẹn kì í ṣe 6.2 tòótọ́, E2 ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà tí E2 wà nílẹ̀, FSH fi ojú rẹ̀ gan-an hàn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n gba FSH láì gba E2 mọ́ ọn. Oṣù tí nǹkan oṣù rẹ̀ dín sí náà ń sọ ohun kan náà: àpò ẹyin tó ń tètè dìde ń mú kí àyípoyípo oṣù kúrú.

Ohun kẹta tó máa jẹ́rìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú, tí wọ́n máa fi wo ilé ẹyin méjèèjì láti ojú ara, tí wọ́n á sì ka àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Ká ní wọ́n rí méjì lọ́wọ́ kan, mẹ́ta lọ́wọ́ kejì. Márùn-ún lápapọ̀ kéré fún ẹni 34 ọdún. Ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá fẹnu kò: ẹyin tó ṣẹ́ kù fún un kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló ní kó má lóyún

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Oyún kan kò ju ẹyin kan lọ. Obìnrin tó ní àpò márùn-ún àti èyí tó ní ogún, ẹyin kọ̀ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì ń mú jáde lóṣù.

Ní ọdún 2017, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, JAMA, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Àríwá Karoláínà. Obìnrin 750 ni wọ́n tẹ̀lé, láti ẹni 30 sí 44 ọdún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá oyún tí wọn kò sì ní ìtàn àìrọ́mọbí. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìrètí oyún fún àwọn tí AMH wọn kò tó 0.7 jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn tí AMH wọn dára jẹ́ 62. FSH tó ga náà kò mú ìyàtọ̀ gidi wá. AMH kékeré kò sọ ẹni tí yóò lóyún nílé ọkọ rẹ̀ àti ẹni tí kò ní lóyún.

Ohun tí AMH kò mọ̀ rárá ni bí ẹyin ṣe dára sí. Ọjọ́ orí ló mọ ìyẹn. Obìnrin 29 ọdún tí AMH rẹ̀ jẹ́ 0.8 ní ẹyin díẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn dára. Ẹni 42 ọdún tí AMH rẹ̀ jẹ́ 2 ní ẹyin púpọ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ni kò ní lè di ọmọ. AMH kò sì mọ̀ bóyá ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ, tí a ń pè ní túùbù, ṣí tàbí ó dí. Kò mọ ohunkóhun nípa àtọ̀ ọkọ.

Nítorí náà, fún obìnrin inú àpẹẹrẹ wa yìí, kí ẹnikẹ́ni tó ní AMH 0.8 ló fà á tí kò fi lóyún, àyẹ̀wò méjì kù. Ti ọkọ ni àkọ́kọ́: àyẹ̀wò àtọ̀, tí kò le tí kò sì ní ìrora. Èkejì ni fọ́tò túùbù, níbi tí wọ́n ti ń fi omi oògùn kan sí ilé ọmọ kí wọ́n tó yà á, kí wọ́n lè rí bóyá omi náà kọjá. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, túùbù tó dí wà lára ohun tó ń fa àìrọ́mọbí jù lọ, nítorí àtọ̀sí àti àrùn klamídíà tí a kò tọ́jú, tàbí àkóràn lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti wúlò

Bí èsì méjì yìí bá ti jáde, AMH kékeré á wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an: á sọ bí àkókò tó wà nílẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ká ní túùbù ṣí, àtọ̀ sì dára. Ẹlòmíràn tó jẹ́ 34 ọdún lè ní sùúrù díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n fún ẹni yìí, dókítà kò ní jẹ́ kó dúró pẹ́. Ká tún ní túùbù méjèèjì dí. Fún ẹni tí ẹyin rẹ̀ pọ̀, wọ́n lè ronú nípa iṣẹ́ abẹ láti ṣí wọn, kí wọ́n sì dúró ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò ó. Fún obìnrin yìí, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kó lọ tààrà síbi ìlànà tí wọ́n ti ń da ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ lóde ara, èyí tí Abidjan ń pè ní FIV tí Èkó ń pè ní IVF.

Nínú FIV yìí ni AMH ti ń sọ òótọ́ tó pọ̀ jù. Abẹ́rẹ́ FSH ni wọ́n ń gún obìnrin fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kí àpò ẹyin púpọ̀ lè dìde pọ̀. Àwọn tó wà nílẹ̀ nìkan ló lè dìde. Ẹni tí AMH rẹ̀ jẹ́ 0.8 lè retí ẹyin díẹ̀, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ márùn-ún, ó sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó san owó. Ní òdìkejì, ẹni tí AMH rẹ̀ jẹ́ 7 ni dókítà máa fún ní oògùn díẹ̀, nítorí pé ilé ẹyin rẹ̀ lè wú jù, kí omi sì kún inú rẹ̀, èyí tó lè di ewu ńlá.

Ohun tó lè ba èsì jẹ́

Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń gbé mì tàbí tí wọ́n fi sí apá lè mú AMH lọ sílẹ̀, ó sì ń tẹ FSH àti LH mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró á ṣe dáadáa bó bá dúró bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó ṣe àyẹ̀wò. Bayotíìnì, fítámì tí wọ́n ń lò kí irun àti èékánná lè dára, ń da àwọn ẹ̀rọ láàbù kan rú. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ láàbù bí ẹ bá ń lò ó. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi yọ kókó kúrò nínú ilé ẹyin lè gé AMH kù ní tòótọ́. Bí dókítà bá ní kí wọ́n yọ kókó bẹ́ẹ̀, tí obìnrin náà sì ṣì ń wá ọmọ, ó yẹ kó béèrè bóyá a lè ṣe àyẹ̀wò AMH kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kò sí oògùn òyìnbó, kò sì sí àgbo tó lè dá ẹyin tó ti lọ padà. Bí ẹnì kan bá ní àgbo òun gbé AMH láti 0.8 lọ sí 5.7, ẹ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò dání, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ rí i pé E2 wà níbi tí FSH wà. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ padà lọ. Obìnrin tí kò tíì pé 35 lè gbìyànjú fún ọdún kan kó tó lọ rí dókítà. Ẹni tó ti pé 35 kò gbọ́dọ̀ dúró ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá sì ti ń kúrú tàbí tó ń fò, kó má dúró rárá. Kí ọkọ bá a lọ, nítorí ìwé tirẹ̀ náà wà lára ohun tí dókítà máa béèrè.